Sílébù mẹ́wàá nìkan kọ́ ni àyámbíìkì pẹntámítà, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ gbà mí o. Àbúrò mi tó ń múra fún Wáẹ́ẹ̀kì níbí ní Èjìgbò gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá bá mi: kó kọ bíláǹkì fáàsì nípa ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àyámbíìkì pẹntámítà. Àlàyé inú nóòtì ẹ̀ ò ju "sílébù mẹ́wàá, kò ní ráìmù" lọ. Ọmọ wá ń ka ìka bí ẹni ń ka owó àjọ.

Ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀ rèé. Mo fi sípẹ́lì tiwa kọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, àmì òkè sì wà níbi tí ohùn ti wúwo:

Íf-nìn kọ́ms tù È-jì-gbò wìd rẹ́d dọ́st

Ìyẹn ni pé ìrọ̀lẹ́ dé sí Èjìgbò tòun ti eruku pupa. Àwòrán yẹn dùn, mẹ́wàá sì pé. Ṣùgbọ́n ìlù àyámbíìkì ni kò-kó, fúyẹ́ kó tó wúwo, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kó-kò, kó-kò, ó wá fi kó-kó parí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀ ìlà ò burú o, Ṣékísípíà náà máa ń ṣe é. Èyí ti pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ní etí Yorùbá ò lè gbọ́ ọ, irọ́ ló ń pa. A ti ń gbọ́ ọ tipẹ́! Kí ló dé tá a fi ń pe tíṣà, tá ò pè é ní tìṣá? Kí ló dé tó fi jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, tí kọ̀ǹpútà sì gbéra láàárín? Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti wúwo la sábà máa ń gbé ohùn sókè. Tíṣà, kó-kò. Ẹ fi yẹn kọ́ ọmọ.

Ìka ló máa ń tàn wọ́n jẹ. Sílébù kan ni bọ́ọ̀lù lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. A ti fi fáwẹ̀lì tiwa kún un. Ọmọ tó bá ka tiwa máa ṣìrò.

A tún un ṣe:

Àt dọ́sk È-jí-gbò rẹ́-dẹ̀ns ín dì dọ́st

Pé ní àṣálẹ́, Èjìgbò ń pọ́n nínú eruku. Kò-kó márùn-ún gbáko. "Ín" yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo, ìlù ló kàn gbé e.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ìlú. Èjìgbò, ìsàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Kò-kó ò gbà bẹ́ẹ̀: tí sílébù mẹ́ta bá tò léra, ó kéré tán ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbéra, ibi yòówù kó o gbé e sí. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n sọ fún ọmọ: Gẹ̀ẹ́sì ń wọn ìwúwo, àwa ń wọn òkè àti ìsàlẹ̀, ìkan á gé èkejì jẹ.

Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé kí n yọ Èjìgbò kúrò?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó lọ kọ ìlà kejì.