Gbígbọ̀n Ni Tàbí Ìkọsẹ̀? Lórí Kámẹ́rà Tí Ń Tẹ̀ Lé Asáré

Irú eré orí kọ̀ǹpútà kan wà, oníhà méjì, tí asáré inú rẹ̀ ń sáré láti òsì lọ sí ọ̀tún, tí ó sì ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sí orí òmíràn. Nítorí pé ayé eré náà gùn ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, kámẹ́rà ní láti máa tẹ̀ lé asáré kiri. Kámẹ́rà yìí kì í ṣe ohun àfọwọ́mú. Ojú tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń wo ayé eré náà ni. Bí asáré bá ń rìn jẹ́jẹ́, ohun gbogbo a máa lọ geere. Bí ó bá ki eré mọ́lẹ̀, àwòrán rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrìgìrì. Olùtumọ̀ tí ó bá wo àléébù yìí fìrí yóò pè é ní "gbígbọ̀n kámẹ́rà", yóò sì rò pé iṣẹ́ parí. Orúkọ náà kò tọ̀nà, ó sì lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ohun tí ó bá ń gbọ̀n, dídì mú ni à ń dì í mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "gbígbọ̀n" yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: yóò dẹ ìrìn kámẹ́rà kí ó má baà máa ta kìjí tẹ̀ lé asáré. Àléébù náà kò ní lọ. Yóò kàn kúrò lára àwòrán ẹ̀yìn bọ́ sí ara asáré fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo Unity, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Aago méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan ń ṣírò ìrìn asáré tí ó ní `Rigidbody2D`. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ìgbà 50 ni ó ń ṣírò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ń ya àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà, ìgbà 60 sì ni èyí lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ. Nítorí náà, nínú àwòrán mẹ́fà-mẹ́fà, márùn-ún péré ni yóò bá asáré ní ibi tuntun. Ẹ̀kẹfà yóò bá a níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Bí asáré bá ń sáré òṣùwọ̀n 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.24. Kámẹ́rà tí ìrìn rẹ̀ ti dẹ̀ ń lọ ní nǹkan bí 0.20 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, láìdúró. Asáré yóò fi 0.04 ṣíwájú rẹ̀ nígbà márùn-ún, yóò sì fi 0.20 padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ga ní píksẹ̀lì 1080, tí kámẹ́rà sì ń fi gíga òṣùwọ̀n 10 hàn, ìpadàsẹ́yìn yìí tó píksẹ̀lì 22, nígbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó ń rìn ní òṣùwọ̀n 1.5 ní àléébù kan náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò tó píksẹ̀lì 3. Ojú kì í sáàbà rí i.

Ohun tí ń gbọ̀n kì í ní òǹkà. Èyí ní òǹkà: ó gbé ẹsẹ̀ márùn-ún, ó kọsẹ̀ ní ẹ̀kẹfà. "Ìkọsẹ̀" ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti orí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí oníwàásù nìkan fi gbọ́dọ̀ ni ín. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni ó ń wò, láti mọ ohun tí ó gbé e ṣubú. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ yìí ń darí akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ohun tí yóò sì rí lẹ́yìn ni aago méjì tí kò bára wọn mu. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ètò máa ya asáré sí ibi tí ó yẹ kí ó wà láàárín ìṣísẹ̀ méjì:

```csharp
rb.interpolation = RigidbodyInterpolation2D.Interpolate;
```

Lẹ́yìn èyí, kí kámẹ́rà máa tẹ̀ lé e nínú `LateUpdate`, kí ó sì máa wo `transform.position`. Ẹni tí ó bá ní kí ó wo `rb.position` yóò tún bá ìkọsẹ̀ náà níbẹ̀, nítorí pé ìyẹn ṣì ń tẹ̀ lé aago ìṣirò. Iye owó ìwòsàn yìí kò pọ̀: asáré tí à ń wò yóò fi díẹ̀ pẹ́ ju asáré inú ìṣirò lọ, kò sì ní ju 0.02 ìṣẹ́jú àáyá.

Bí iyèméjì bá wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ `Fixed Timestep` di 0.1 fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó ṣe ìwòsàn kankan. Bí ìkọsẹ̀ náà bá di ńlá, tí afọ́jú pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i, aago ni ó fà á. Bí kò bá yí padà, kí ó yẹ àwòrán tí wọ́n fi píksẹ̀lì ńláńlá yà wò. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n a máa sún ipò asáré àti ipò kámẹ́rà sí píksẹ̀lì tí ó súnmọ́ wọn jù lọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí méjèèjì kò bá sún sí ọ̀nà kan náà, asáré a máa lọ síwá-sẹ́yìn pẹ̀lú píksẹ̀lì ẹyọ kan. Èyí ni gbígbọ̀n ní tòótọ́, òun sì ni ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún.