Àmì Tí A Ò Lè Kà: Ṣé Ó Yẹ Kó Gba Máàkì?

Nínú iṣẹ́ Yorùbá, bí olùkọ́ bá ní ká fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo, wàhálà kì í sí nígbà tí a bá ń kọ ọ́. Ìgbà tí a bá pààrọ̀ ìwé láti máàkì ara wa ni ariwo máa ń sọ. Ẹni tó kọ ọ́ á ní òun gbà á. Ẹni tó ń máàkì á ní òun ò rí àmì kankan. Èrò tèmi ni pé àmì tí a ò lè kà kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì gbọ́dọ̀ wá a dáadáa kó tó fi òdo sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà lójú pátákó: owó, ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni: "Bàbá fi ____ gbá àgbàlá." Ọwọ̀ ni ìdáhùn. Tí ẹ bá yọ àmì orí àti àmì ìdí kúrò lára ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, "owo" kan náà ni gbogbo wọn. Àmì yẹn gan-an ni ìbéèrè ń bi wá. Ẹni tó bá wá sọ pé, "Olùkọ́ ṣáà mọ ohun tí mo fẹ́ kọ," ohun tó ń sọ ni pé kí olùkọ́ bá òun dáhùn.

Báwo ni àmì ṣe ń sọnù? Àwọn kan máa ń fa ìlà gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ sórí ọ̀rọ̀, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Àmì ìdí náà máa ń bọ́ sórí ìlà ìwé gan-an, bírò aláwọ̀ búlúù lórí ìlà búlúù, ó parẹ́ nìyẹn. Nígbà míì, ìrù "g" tàbí "y" láti ìlà òkè á gùn wálẹ̀, á wá jọ àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà ń fara pamọ́. "Omi ti ____ inú garawa." Kún ni ìdáhùn, àmọ́ tí "n" bá ti di ìrù kékeré lẹ́yìn "u", ta ló mọ̀ bóyá kú ni àbí kún? Èyí tó burú jù ni ti "an" àti "ọn", torí ohùn kan náà ni wọ́n ní lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, "ọn" là ń kọ: ìbọn, fọ́n, gbọ̀n, pọ́n, wọ́n. Níbòmíì, "an" ni: ìtàn, ọ̀kan. Ẹni tí kò rántí òfin yìí lè mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà tí kì í ṣe "a", tí kì í ṣe "o", kí ẹni tó ń máàkì mú èyí tó wù ú. Ẹni tó kọ "ìban" gbangba á gba òdo. Ẹni tó fi tiẹ̀ pamọ́ á gba máàkì. Ṣé ìyẹn dáa?

Báwo la ṣe wá fẹ́ máàkì ẹ? Ẹ má kọ́kọ́ wo ìdáhùn. Ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé síta ná, torí ojú tó ti mọ ìdáhùn á rí ohun tó ń retí. Tí kò bá yé yín, ẹ wo ibòmíì lójú ewé kan náà. Nínú gbólóhùn wa, "bàbá" ní àmì ìsàlẹ̀ kan àti àmì òkè kan. Tí ẹni náà bá kọ gbólóhùn yẹn tán pátá, ẹ fi àmì méjèèjì wé èyí tó wà lórí ọwọ̀. Tó bá jọ ti "bà", ó gbà á, bó ti wù kí ìkọ̀wé ẹ̀ rí wúruwùru tó. Tó bá jọ ti "bá", ọwọ́ ló kọ, kò gbà á. Tí "bà" àti "bá" bá rí bákan náà, kò sí bí a ṣe lè mọ̀: ẹ fi bírò yí i ká, kí ẹ gbé e fún olùkọ́. Ẹ má bá ọ̀rẹ́ yín tún un kọ o.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n má jẹ́ ká máa kọ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́. Kí a máa kọ gbólóhùn pátá, kí a sì máa fo ìlà kan láàárín. Ó máa gba àsìkò díẹ̀ sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ìkọ̀wé ẹ̀ ò dáa ló máa ràn lọ́wọ́ jù, torí ìwé ẹ̀ fúnra ẹ̀ á jẹ́rìí fún un.

Kò sẹ́ni tó ní kí ìkọ̀wé wa rẹwà. Kí orí àmì ìsàlẹ̀ wà lápá òsì, kí ti òkè wà lápá ọ̀tún, kí "n" ìparí hàn: ìyẹn náà ti tó.