Ile Ẹlẹni Mẹwa, Ohùn Ẹnikan

Ẹnyin ijoye wa ati ẹnyin akọwe ilu, mo ni ẹjọ kan lati ro siwaju nyin, ẹjọ awọn onkọwe itan-arosọ wa ni. Ẹsun ti mo fi kàn wọn ni eyi: nwọn a ko enia mẹwa jọ sinu iwe, nwọn a fun olukuluku li orukọ, nwọn a sọ bi ọkan ti ga ati bi ekeji ti kuru, ṣugbọn nigbati awọn enia nã ba la ẹnu, ohùn ẹnikan ṣoṣo li a ngbọ, eyini ni ohùn onkọwe tikararẹ. Iya arugbo, ọmọ ile-iwe, ole, iyawo aṣẹṣẹgbe, gbogbo wọn ni ipa owe mẹta ki nwọn to bère omi mimu.

Ẹniti o ba ro pe mo nṣe àsọdùn, ki o dan eyi wò. Ki o ṣi iwe itan kan si ibiti enia mẹta tabi mẹrin gbe nsọrọ, ki o fi pepa bo orukọ wọn ati gbogbo "o ni" ati "o dahun pe" mọlẹ, ki o si ka iyoku soke fun ọrẹ rẹ. Emi ko ni ki ọrẹ nã mọ orukọ ẹnikẹni. Ki o sá sọ fun mi ewo ninu awọn olusọrọ li agba, ewo li iyawo ile, ewo li alejo. Bi ko ba le sọ ọ, iwe nã jẹbi.

O ṣe le jẹ ẹbi nla bẹ̃ li ede tiwa? Nitoripe Yoruba ko le sọ gbolohun meji lai fi ipo ara rẹ hàn. Bi o ba yan "iwọ" tabi "ẹnyin", o ti sọ ẹniti o jẹ. Ẹniti o ba de ọdọ onidiri a ni "oju gboro o", ẹniti o ba de ọdọ alaro a ni "arẹdu o". Ẹniti ko mọ eyi, alejo ni tabi ọmọde. Ọdọ ti owe ba bọ li ẹnu rẹ niwaju agba a yara fi kun u pe "toto, o ṣe bi owe o", agba a si fun u li àyè lati pa omiran. Ninu ọpọlọpọ iwe wa, ọmọkọnrin a da owe silẹ bi ẹnipe o nda agbado, ko tọrọ gãfara, kò si si agba kan ti o gbe oju soke.

Ṣugbọn ibiti ọrọ nã gbe dùn mi jù ni ti iyawo ile. Gbogbo nyin li o mọ pe obirin ti a gbe wọ ile ọkọ ko gbọdọ pe orukọ ẹnikẹni ti o ba nibẹ, ani ọmọ ọwọ ti a bi ṣaju ọjọ igbeyawo rẹ. Orukọ li on tikararẹ ifi fun wọn: Akọwe, Ibadi-aran, Adumaradan, Idi-ilẹkẹ. Bi mo ba ri "Idi-ilẹkẹ, ba mi gbe omi wa" ninu iwe, onkọwe kò ni lati sọ fun mi mọ pe iyawo ile ni nsọrọ, ati pe ẹniti o ran niṣẹ ti wà ninu ile nã ṣaju rẹ.

Ẹ jẹ ki emi tikarami hun apẹrẹ kan, ki ẹnikẹni má ba sọ pe on ni mo nbawi. Alabi, ara Ibadan, ra aṣọ lawin lọwọ òṣómàáló, o si fi ara pamọ si yara nigbati ọjọ owo pe. Onkọwe ti mo npe lẹjọ yio kọ ọ bayi. Iyawo a ni, "Alabi ko si nile, pada wa li ọla." Iya Alabi a ni, "Alabi ko si nile, pada wa li ọla." Oniṣowo nã a si fi owe marun dahun, gbogbo rẹ li ede tiṣa. Itan nã ye ni, ṣugbọn kò si enia nibẹ.

Njẹ bawo li o yẹ ki o ri? Iyawo nã a kunlẹ: "Ẹ kãbọ, baba alaṣọ. Baba Adukẹ ti jade o. Ẹ jọwọ, ẹ fi oju fò o di ọla." Iya, ti o ju oniṣowo lọ li ọjọ ori, a ke lati inu ile: "Tani yẹn? Iwọ ọmọ yi, ilẹ ha mọ tan ti o fi de ni?" Oniṣowo, Ijẹṣa, kò ni ju gbolohun kan lọ: on yio ló òṣó titi on o fi gba owo on. Ẹ kiyesi i pe lati inu gbolohun yi, bi o ti bọ li ẹnu awọn Ijẹṣa ti nkiri aṣọ lawin, li a ti fa orukọ iṣẹ wọn yọ. Ohùn wọn di orukọ wọn. Onkọwe wa si gba ohùn nã lọwọ wọn, o fi ti tiṣa rọpo rẹ.

Nisisiyi, jẹ ki ọjọ kẹta pe. Oniṣowo ṣi wà lori òṣó li ẹnu ọna, itiju ti mu iyawo to. O jade, kò kunlẹ, o ni, "Alabi wà ninu yara." Ẹnyin ti ẹ ngbọ mi, ẹ mọ ohun ti o fọ ninu ile nã. Kì iṣe aṣiri nikan: obirin nã pe ọkọ rẹ li orukọ niwaju alejo, kò si si iye agba ti yio tun eyi ṣe li ọjọ kan. Ṣugbọn ninu iwe ti akọkọ nì, nibiti o ti npe e ni Alabi lati owurọ ọjọ kini, tani yio gbọ ohun kan? Ohun ti o wuwo jù ninu itan kọja, eti kò si tà si i. Eyi li adanu ti mo nwi.

Awọn kan yio fi Oloogbe D. O. Fagunwa gbe mi loju. Ninu *Ogboju Ọdẹ Ninu Igbo Irunmalẹ*, ti o jade li ọdun 1938, awọn ọdẹ lọ si Oke Langbodo, iṣe wọn si yatọ: Kako li onikumọ, Imọdoye li ọlọgbọn, Olohun-iyọ li akọrin. Mo jẹwọ pe bi a ba bo orukọ wọn mọlẹ, ọrọ wọn a maa jọ ara wọn li eti mi. Ṣugbọn iwe nã ni àwíjàre: Akara-ogun nikan li o nsọ gbogbo itan fun akọwe rẹ, ohùn onitan kan li o si yẹ ki a gbọ li ẹnu onitan kan. Awọn ti o tẹle e li emi mba wi. Nwọn fi igbo silẹ, nwọn fi onitan silẹ, nwọn ko itan wọ inu agbo-ile ati ọja, sibẹ nwọn mu ohùn na lọwọ. Ẹniti o fẹ ri ọna miran, ki o ka *Àjà Ló Lẹrù* ti Ọladẹjọ Okediji, ti o jade li ọdun 1969, ki o si fi pepa rẹ bo orukọ Lapade, ọlọpa àná nì, ki o wò bi yio ti pẹ to ki o to mọ pe on ni nsọrọ.

Awọn miran yio wipe Yoruba kan li a fi nkọ iwe lati igba Bibeli ti o pe li ọdun 1884, ati pe bi Ijẹṣa ba nsọ Ijẹṣa, ti Ijẹbu nsọ Ijẹbu, ara Ọyọ kò ni le ka a. Apakan ọrọ yi tọ. Ẹka-ede ti o ba pọ ju ninu iwe a sọ ẹniti nsọ ọ di alawada, emi kò si fẹ bẹ̃. Ọrọ kan tabi meji to fun oju iwe kan. Ṣugbọn "iwọ" ati "ẹnyin" kì iṣe ẹka-ede. Orukọ ti iyawo nfun ọmọ ile ọkọ kì iṣe ẹka-ede. Kò si ara Ọyọ ti iwọnyi yio ṣoro fun.

Emi mọ ibiti arun nã ti wá. Li ile-iwe, owe li a nkà lati fi mọ ẹniti o gbọ ijinlẹ Yoruba, ọmọ ti o ba si kó mẹwa sinu aroko kan li o ngba maki. O dagba, o di onkọwe, o si nkó wọn sibẹ. Nitorina ọdọ awọn tiṣa ni mo gbe ẹjọ yi lọ: ki nwọn fi tadawa pupa fa ilà si abẹ gbogbo owe ti ọmọ ọdun mejila ba pa fun baba rẹ lai sọ "toto", ki nwọn si yọ maki kan kuro fun ọkọkan.