Lẹ́yìn tí ìfun bá wú: ṣé gúgúrú àti ẹ̀pà ti di èèwọ̀ ni?

Ọ̀gá awakọ̀ kan ní Kàdúná, ẹni ọdún 56, jí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, inú ń run ún ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì. Ó rò pé jẹ̀díjẹ̀dí tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu ló tún dé. Ó ra oògùn dáíkílófénákì ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, ó sì mu àgbo tí yóò fi ṣu. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ ń gbóná, òtútù ń mú un, kò lè nàró dáadáa, ibi tó ń dùn ún kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Ìyàwó rẹ̀ ló fi tipátipá gbé e lọ sí ọ̀sibítù.

Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ògiri ìfun ńlá rẹ̀ ti wú níbi tó ti ń sún mọ́ ihò ìdí, ọyún kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sì ti gbárajọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà ní dáífátíkúláítìsì ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín máa ń gba inú ẹran ògiri ìfun kọjá, ibi tí wọ́n gbà kọjá kì í lágbára tó ibòmíràn. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gun òkè, tí ìfun sì ń fi agbára ti ìgbẹ́, awọ inú rẹ̀ lè yọ síta láti ibẹ̀, kí ó di àpò kéékèèké bí èso ẹ̀wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àpò yìí kò ní mọ̀ títí wọn yóò fi kú. Nínú 100 wọn, àwọn tí àpò náà yóò wú fún kò tó 5. Apá òsì ló ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ apá ọ̀tún, kí wọ́n sì máa rò pé àpẹ́ńdísì ni.

Oògùn tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ lò ló bí dókítà nínú jù. Dáíkílófénákì, àìbùpùrófẹ́ẹ̀nì àti àwọn ẹbí wọn wà lára ohun tó ń mú kí àpò inú ìfun tètè lu, nítorí náà parasitámọ́ọ̀lù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àgbo tó ń mú ìfun fún ara rẹ̀ pọ̀ kò yẹ kó kan ẹnu ẹni tí ìfun rẹ̀ ti wú, bẹ́ẹ̀ náà ni fífa omi sí ìdí.

Wọ́n dá a dúró sí ọ̀sibítù, wọ́n fi oògùn tó ń pa kòkòrò sí i lára láti ojú iṣan. Ọyún tó kéré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbọ́ oògùn. Èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4 lọ ni wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ gígùn fà jáde. Fún ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, omi, tíì tí kò ní mílíìkì àti omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́ nìkan ló ń mu. Nígbà tí ara gbígbóná lọ, tí ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó bọ́ sórí ẹ̀kọ mímu, ìrẹsì funfun tó rọ̀, ẹja sísè, ẹyin àti iṣu tí wọ́n gún. Oúnjẹ tí kò ní èèpo nìyẹn, kí ìfun lè sinmi. Ó sì wà lórí rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó délé.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un pé hóró èso máa ń há sínú àpò ìfun. Ó kó ẹ̀pà kúrò nílé, ó fi òfin de gúgúrú àti gúáfà, kódà ó ń yọ hóró inú tòmátì kó tó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọkọ rẹ̀ kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa mọ́.

Kì í ṣe ẹ̀bi obìnrin náà o. Àwọn dókítà fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọkùnrin tó ju 47,000 lọ tí wọ́n ti ń tọ pinpin fún ọdún 18. Àwọn tó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà jù lọ kò ní wàhálà yìí ju àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ. Kódà tiwọn kéré sí i.

Ohun tí dókítà fẹ́ kó máa jẹ lẹ́yìn ìgbà tí ara ti yá gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ń sá fún: èèpo àti okùn inú oúnjẹ tí ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, kí ó sì pọ̀, kí ìfun má baà máa fipá tì í. Ó ní kó gbìyànjú láti jẹ bíi gíráàmù 25 sí 30 rẹ̀ lójúmọ́. Ife ńlá ẹ̀wà sísè kan ní bíi 11 nínú. Ọsàn tí wọ́n jẹ ti àwọ̀n inú rẹ̀ ní bíi 3. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan ṣá, nítorí ikùn yóò kún fún afẹ́fẹ́. Ẹ̀wà díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ewébẹ̀ díẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ kejì, pẹ̀lú omi tó pọ̀. Ẹran màlúù ní kó dín kù, sìgá ní kó jù nù.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 7, wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀. Wọn kì í ṣe é nígbà tí ìfun ṣì wú, torí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀ lè lù ú. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé jẹjẹrẹ ìfun lè jọ wíwú yìí lójú àwòrán, pàápàá tí ọyún bá ti wà níbẹ̀. Wọn kò rí jẹjẹrẹ kankan.

Lẹ́yìn oṣù 14, ó tún wú. Èyí kò le tó ti àkọ́kọ́, wọ́n sì fi oògùn lílò tọ́jú rẹ̀ nílé. Àbúrò rẹ̀ fárígá pé ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Òótọ́ ni pé òfin tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń tẹ̀ lé tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tó hàn pé ìgbà àkọ́kọ́ gan-an ni ìfun sábà máa ń lu. Èyí tó bá tẹ̀ lé e kì í fi bẹ́ẹ̀ burú tó o. Kíka iye ìgbà nìkan kò wá sọ nǹkan kan mọ́.

Oníṣẹ́ abẹ náà béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn: ṣé ìrora náà kì í lọ tán láàárín? Ṣé iṣẹ́ ọkọ̀ ń bàjẹ́ nítorí rẹ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde bí ìfóòfó nínú ìtọ̀ rẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yìí túmọ̀ sí pé ìfun ti lu mọ́ àpò ìtọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe fún un. Bákan náà ni ìfun tó ti há débi pé ìgbẹ́ kò kọjá. Wọn kì í pẹ́ dábàá abẹ fún ẹni tí oògùn ti sọ agbára ara rẹ̀ láti bá àrùn jà di yẹpẹrẹ, bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kídìnrín fún.

Bí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣe é, wọ́n á gé ibi tó ń wú, wọ́n á sì so ìfun pọ̀ padà lọ́jọ́ kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tún wú níbòmíràn fún àwọn díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ìfun ti lu, tí ìgbẹ́ ti dà sínú ikùn, abẹ pàjáwìrì ni, àpò ìgbẹ́ sì lè wà lára ikùn aláìsàn fún oṣù púpọ̀. Àwọn kan kì í rí i yọ mọ́.

Ọkùnrin náà kò ní ìrora láàárín, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, kò sí há kankan. Wọ́n jọ gbà pé kó má ṣe abẹ báyìí. Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé: "Mà, tí ikùn bàbá bá le bíi pákó, tí ìrora bá tàn káàkiri, tàbí tí wọ́n ń bì tí wọn kò sì lè so, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́." Obìnrin náà ní òun gbọ́, ó sì béèrè bóyá ẹ̀pà sísè dára ju ẹ̀pà yíyan lọ. Wọ́n ní èyí tó bá wù wọ́n ni.