Ohun Tí Ó Fara Pamọ́ Sínú Irin: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fún Wẹ́dà Ní Máàkì

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa ń bi ara wọn lẹ́yìn ìdánwò: báwo ni ó ṣe jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó dán, tí ó sì wu ojú, ni wọ́n kọ “kò yege” sí? Ẹni tí ó bi í lè ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n lè ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, kí àwọn oníbàárà sì ti máa yin iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ wọ ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí iṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ipele mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà ní. Ipele kẹta ni ó kéré jù, ipele kìíní ni ó ga jù, iṣẹ́ tí wọn yóò gbé fún ènìyàn sì ń le sí i bí ó bá ṣe ń gòkè.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fẹ́ kí a fi wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ó ti hàn gbangba jù pé ohun tí ojú rí kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan tí ó wọ́pọ̀ nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Wọn yóò fún olùdíje ní irin pẹlẹbẹ méjì tí ó nípọn tó mílímítà 10, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 150, pé kí ó jó wọn pọ̀ ní etí sí etí. Kí iná tó tan rárá, wọn yóò fi pọ́ǹṣì lu nọ́ńbà rẹ̀ sára irin méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi irin ẹlòmíràn pààrọ̀ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi gíráńdà dá etí irin kọ̀ọ̀kan sí ìdàgẹ̀rẹ̀ bíi dígírì 30, tó bẹ́ẹ̀ tí méjèèjì yóò fi ya ẹnu sókè bíi lẹ́tà V nígbà tí wọ́n bá kojú ara wọn. Ní ìsàlẹ̀ V yìí, yóò fi àlàfo bíi mílímítà 3 sílẹ̀. Àlàfo yìí ni iná yóò gbà dé ẹ̀yìn irin. Yóò wá fi táàkì mú orí méjèèjì, yóò fi ẹlẹ́kítiróòdù gééjì 12 jó ìlà àkọ́kọ́, èyí tí a ń pè ní gbòǹgbò, yóò sì fi gééjì 10 kún un títí dé òkè.

Àwọn olùdíje kan rò pé ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni olùdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní máàkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí olùdíje bá ti wọlé ni ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wò ó bóyá ó yẹ okùn iná àti dìmú ilẹ̀ wò kí ó tó tan ẹ̀rọ, bóyá ó dán iná wò lórí àjákù irin kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an, bóyá ó gbá ìdàrọ́ kúrò tí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú ìlà kọ̀ọ̀kan kí ó tó jó òmíràn lé e. Èyí tí mo kà gbẹ̀yìn yìí ṣe kókó. Bí ìdàrọ́ bá kù sábẹ́, ìlà tí ó tẹ̀ lé e yóò bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sí ojú tí yóò rí i mọ́. Ẹni tí ó dúró tì í nígbà iṣẹ́ nìkan ni ó lè sọ pé, “Ní ìlà kejì, kò fọ̀ ọ́.”

Nígbà tí irin bá tutù, wọn yóò fi ojú wò ó. Wọ́n sì ń fẹ́ rí i bí iná ṣe fi í sílẹ̀: olùdíje lè fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi gíráńdà lọ̀ ọ́ kí ó lè dán, nítorí pé gíráńdà a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Wọn yóò wá ibi tí iná ti jẹ etí irin wọlé bíi kòtò, wọn yóò wo ihò wẹ́wẹ́ tí ẹlẹ́kítiróòdù tí ó ti fa omi sára máa ń fà, wọn yóò sì yí i padà wo ẹ̀yìn, bóyá gbòǹgbò yọ jáde ní ọgbọọgba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó ń dun àwọn olùdíje jù yóò ṣẹlẹ̀: wọn yóò gé iṣẹ́ náà. Wọn yóò gé bíi mílímítà 25 sọnù ní orí kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì gé ọ̀já méjì láti inú èyí tí ó kù, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 38. Wọn yóò fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀já kìíní títí yóò fi rí bíi lẹ́tà U, pẹ̀lú ojú iṣẹ́ ní ìta. Wọn yóò tẹ èkejì bákan náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni yóò wà ní ìta. Irin tí ó para pọ̀ dáadáa yóò nà láìya. Èyí tí kò para pọ̀ yóò lanu. Nínú òfin ìjórin Amẹ́ríkà tí a ń pè ní D1.1, bí ibi kan ṣoṣo bá lanu ju mílímítà 3 lọ, ọ̀já náà kò yege. Bí àwọn kéékèèké bá pọ̀, tí àpapọ̀ àwọn tí ó ju mílímítà 1 lọ sì kọjá 10, kò yege náà. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ ìtẹrin, wọ́n lè fi ayùn la ìlà ìjórin díẹ̀, kí wọ́n há irin mọ́ fáìsì, kí wọ́n sì fi òòlù ńlá ṣẹ́ ẹ níbẹ̀, kí wọ́n lè wo inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọ̀dọ́ kan tí a ó pè ní Wálé. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ rẹwà púpọ̀, ìlà rẹ̀ tò bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n tẹ ọ̀já tí ojú rẹ̀ wà ní ìta, kò ya. Wọ́n tẹ ti gbòǹgbò, ó sì la ìlà dúdú kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5. Olùdánwò kò wá ìdí rẹ̀ jìnnà, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti òwúrọ̀. Wálé wọn àlàfo mílímítà 3 ní orí kan, ó fi táàkì mú un, ó yí sí orí kejì, ó sì fi táàkì mú ìyẹn pẹ̀lú láìtún wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ irin tí ó gbóná a máa sún kì bí ó bá ń tutù. Táàkì àkọ́kọ́ ti fa ẹnu irin pọ̀, àlàfo tí ó kù ní orí kejì kò sì ju mílímítà 1 lọ. Ibẹ̀ ni iná kò ti lè dé ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò ti rí àmì rẹ̀ nígbà tí ó ń jó gbòǹgbò: ihò kékeré tí ó dà bí ojú kọ́kọ́rọ́, tí ó yẹ kí ó máa ṣáájú iná lọ, yóò dí. Ti Wálé dí, ó sì ń bá a lọ.

Wàyí o, máàkì. Ìwé ìdíwọ̀n yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo to èyí kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Kí a sọ pé ìpèsè àti ààbò ní máàkì 15, kíka àwòrán àti wíwọn irin 15, ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́ 25, ohun tí ojú rí 20, àti títẹ irin 25. Wálé gba 13, 10, 17 àti 18, ó sì gba òdo nínú títẹ irin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 58 nínú 100. Bí 50 bá ni wọ́n fi ń yege, ṣé kò yege ni?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣirò nìkan ni wọ́n ń lò, Wálé yóò gba ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú oríkèé irin tí ó ya, ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú tí ó wọ̀ dáadáa yóò sì ti bá a san gbèsè gbòǹgbò tí kò jinná. Ìdí nìyí tí ìwé ìdíwọ̀n tí ó gún régé fi máa ń sàmì sí àwọn ohun kan tí máàkì mìíràn kò lè dí àlàfo wọn. Ẹni tí ó bá kùnà níbẹ̀ ti kùnà nìyẹn, ìbáà gba 75 níbi yòókù. Èmi gbà pé ó tọ́, nítorí pé ẹnì kan yóò gun àtẹ̀gùn tí Wálé bá jó. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n sọ fún ọ̀dọ́ pé kò yege láìfi irin tí ó ya hàn án. Ọ̀já kékeré yẹn kọ́ni ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún télọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ya aṣọ. Olùdánwò yóò yí aṣọ náà sí òdì kí ó tó wo ojú rẹ̀. Yóò fa ojú ìránṣọ sọ́tùn-ún àti sósì láti mọ̀ bóyá òwú rẹ̀ le jù tàbí ó dẹ̀ jù, yóò fi téèpù wọn apá méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba, yóò sì fi ìwọ̀n àyà aṣọ wé èyí tí wọ́n kọ fún un. Aṣọ tí kò wọ ara ẹni tí wọ́n rán an fún ni gbòǹgbò tí kò jinná ti télọ̀.

Ètò mìíràn tún wà tí àjọ NBTE ń bójú tó. Wọn kì í fún ènìyàn ní máàkì nínú rẹ̀. “Ó dáńgájíá” tàbí “kò tíì dáńgájíá” ni wọ́n máa ń kọ, fún ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Olùdíje ń kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú fáìlì, olùṣàyẹ̀wò ń wò ó lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn sì ń yẹ ìdájọ́ olùṣàyẹ̀wò náà wò. Lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sí 58 tí Wálé lè fi jiyàn. Gbòǹgbò ni ó kù fún un láti ṣe.

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá wẹ́dà ń gbà ṣe é kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Yóò mú ẹlẹ́kítiróòdù gééjì 10 kan, yóò gbá ẹ̀tù ara rẹ̀ dànù kí ó ku ọ̀pá irin inú rẹ̀ nìkan, èyí tí ó nípọn díẹ̀ ju mílímítà 3 lọ. Yóò tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà V, yóò sì fi í sí àárín irin méjèèjì kí ó tó fi táàkì mú orí kìíní. Bí ó bá yọ ọ́, yóò ya ẹnu orí kejì díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bíi mílímítà 4, nítorí pé yóò sún kì nígbà tí iná bá ń bọ̀. Yóò tún wọ̀n ọ́n, kí ó tó fi táàkì kejì mú un.