Ọmọ Ìyá Kan Kì Í Ṣe Àjèjì Síra Wọn

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ girama nílẹ̀ yìí bá pàdé kí wọ́n tó jáde. Nínú ìlú kan, ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní jẹnotáìpù AS, AA sì ni gbogbo àwọn tó kù. Tọkọtaya kan nínú ìlú náà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ jẹnotáìpù wọn, bí ọmọ méjì tí kì í ṣe ìbejì. Kí ni ìṣeéṣe pé SS ni ọmọ méjèèjì? Iye yìí kò jìnnà sí bó ṣe rí ní Nàìjíríà gan-an, nítorí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn ibẹ̀ ló jẹ́ AS.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń kọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ìṣeéṣe pé bàbá jẹ́ AS jẹ́ 1/4, ti ìyá náà jẹ́ 1/4, nítorí náà ti pé àwọn méjèèjì jẹ́ AS jẹ́ 1/16. Tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ wọn yóò jẹ́ SS. Ọmọ kan, nígbà náà, jẹ́ 1/64. Títí dé ibí yìí, kò sí àléébù. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni wàhálà wà: ọmọ méjì ni wọ́n bèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ sì fi 1/64 sọ 1/64 di púpọ̀, ó kọ 1/4096, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Tí wọ́n bá ní kó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ẹ̀rọ ìṣirò ni yóò gbé. Yóò tún 64 lọ́nà 64 ṣe, 4096 ni yóò sì tún jáde. Àyẹ̀wò yìí kò yẹ nǹkan kan wò, nítorí kì í ṣe inú ìsọdipúpọ̀ náà ni àṣìṣe wà. Ohun tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ tó ní láti sọ iye méjèèjì di púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń máàkì ìṣirò nìkan, láì béèrè ẹ̀tọ́ yẹn, yóò máa fi máàkì bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún ni.

Ọ̀nà tó tọ́ láti yẹ ìdáhùn náà wò ni kí ènìyàn kà á sí pé ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, kó wá wo ìkejì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní àkọ́bí ti dé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ti fi hàn pé SS ni. Ṣé 1/64 náà ni iye ọmọ kejì ṣì wà? Ọmọ SS gba S kan lọ́wọ́ bàbá, ó gba S kan lọ́wọ́ ìyá. Nínú ìlú tí kò sí jù AA àti AS lọ, àkọ́bí náà ti jẹ́rìí sí i pé AS ni òbí méjèèjì. Iyèméjì tó bí 1/16 ti tán pátápátá. 1/4 nìkan ló kù fún ọmọ kejì. Ìdáhùn tó tọ́ ni 1/64 lọ́nà 1/4, èyí tí í ṣe 1/256. Ìlọ́po 16 ni ó fi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tí ìdá bá ń rú lójú lè fi ìdílé kà á. Kó mú ìdílé 4096 tí wọ́n ní ọmọ méjì méjì. Nínú wọn, 256 ni bàbá àti ìyá ti jẹ́ AS. Nínú 256 yẹn, ìdílé 64 ni àkọ́bí wọn jẹ́ SS. Nínú 64 yìí, ìdá mẹ́rin wọn, ìyẹn 16, ni yóò tún bí SS lẹ́ẹ̀kejì. Ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìdílé kan ṣoṣo ni. Ó túmọ̀ sí pé nínú tọkọtaya 64 tí gbogbo wọn jẹ́ AS àti AS, ẹyọ kan péré ni ọmọ kejì rẹ̀ yóò jẹ́ SS, nígbà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ló ti kọ ọ́ lókè pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ìdáhùn rẹ̀ tako ìlà tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ibi tí kíka ìdílé ti wúlò nìyẹn: ó máa ń jẹ́ kí irú àtakò bẹ́ẹ̀ hàn sí ojú lásán, láìsí fọ́múlà kankan.

Àṣìṣe yìí kò dúró sínú ìwé ìdánwò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ilé-ẹjọ́ kan ní Chester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Sally Clark lẹ́bi pé ó pa ọmọ ọwọ́ rẹ̀ méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Meadow, onímọ̀ ìṣègùn ọmọdé, jẹ́rìí níbẹ̀. Ó ní nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń mu sìgá, tí owó oṣù ń wọlé, tí ìyá sì ti ju ọmọ ọdún 26 lọ, ọmọ kan nínú 8,543 ni ikú òjijì ọmọ ọwọ́ ń pa. Ó wá fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó sì sọ fún ìgbìmọ̀ onídàájọ́ pé ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 73 ni ti ọmọ méjì. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti bí ọmọ méjèèjì, bàbá kan, ìyá kan. Ohunkóhun tó bá farasin nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí nínú ilé náà, tó sì ṣe èkíní ní jàǹbá, wà níbẹ̀ de èkejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, ẹgbẹ́ àgbà àwọn onímọ̀ sitatísíìkì nílùú Lọ́ńdọ̀nù kéde pé ìsọdipúpọ̀ náà kò ní ìpìlẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2003 ni wọ́n tó tú obìnrin náà sílẹ̀. Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò kòkòrò àrùn kan lára ọmọ kejì, tí wọn kò fi han ilé-ẹjọ́, ló da ẹjọ́ náà rú jù, ṣùgbọ́n iye mílíọ̀nù 73 yẹn ti wọ etí àwọn tó dá a lẹ́bi.

Ìdáhùn 1/256 fúnra rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè ẹ̀tọ́ kan náà. Níbo ni 1/16 ti wá? Ó wá láti inú èrò pé ọkọ àti aya fẹ́ ara wọn láìwo jẹnotáìpù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé e, AS máa ń sá fún AS, iye tọkọtaya tó jẹ́ AS méjèèjì yóò sì kéré sí 1/16. Ó yẹ kí olùṣètò ìdánwò kọ ọ́ sínú ìbéèrè bóyá àwọn ará ìlú ń wo jẹnotáìpù kí wọ́n tó fẹ́ra, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì gba máàkì fún sísọ ìdí tó fi sọ iye méjì di púpọ̀.

Ó tún yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí ìsọdipúpọ̀ lásán náà ti tọ́. Nígbà tí ó bá ti dájú pé AS ni òbí méjèèjì, ọmọ kan kò tún ní ohunkóhun láti sọ nípa èkejì. Ìṣeéṣe pé nínú ọmọ mẹ́rin wọn, kò ní sí SS kankan, jẹ́ 3/4 lọ́nà 3/4 lọ́nà 3/4 lọ́nà 3/4, ìyẹn 81/256, tó súnmọ́ ìdá mẹ́ta. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ SS kan pé tirẹ̀ ti kọjá, pé mẹ́ta tó kù yóò yè é, ń ṣe àṣìṣe òdìkejì: wọ́n so ohun tí kò so pọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti oyún tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kejì, ì báà jẹ́ ẹ̀karùn-ún.