Íńtánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Falẹ̀ Lálẹ́: Ta Ni Ká Dá Lẹ́bi?

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Ilé-Ifẹ̀, ẹjọ́ kan náà lèèyàn ń gbọ́ láti Lágere dé Pàràkìn. Dátà wà, àmì nẹ́tíwọ̀kì kún fọ́fọ́ lójú fóònù, ṣùgbọ́n fídíò kò lọ. Ó ń yí, ó ń yí, kò sì débì kan. Ẹlòmíràn á ní wọ́n ń jí dátà òun. Ẹlòmíràn á tún lọ ra dátà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ní fóònù òun ló ti gbó, á sì lọ ra tuntun. Láti oṣù January ọdún 2025, tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ẹni bá ra ohun tí kò lè wo àìsàn rẹ̀ sàn ti fowó ṣòfò gan-an.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé sì yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé èrò ló pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, aago ló ń tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló dín iyára yín kù nítorí ẹ ti lo dátà kọjá ìwọ̀n, iye tí ẹ ti jẹ ló ń tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ fóònù ni kò lágbára, fóònù yẹn ló ń tẹ̀ lé, ibi yòówù kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti èrò, nítorí òun ló ń yọ àwọn ará Ifẹ̀ lẹ́nu jù. Òpó nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ ń rí lẹ́bàá ọ̀nà kì í la ọ̀nà tiẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ojú mẹ́ta ló sábà máa ń ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí apá ibì kan, gbogbo fóònù tó wà lápá ibẹ̀ ló sì ń pín ohun tí ojú yẹn lè gbé. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo rí, ó mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Lórí ìwé, 4G tó fẹ̀ tó mẹ́gáhátìsì 20 lè gbé mẹ́gábíìtì 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù kan ṣoṣo tó dúró síbi tó dára jù lọ ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn. Nígbà tí àwọn kan bá wà lẹ́yìn òkè, tí àwọn mìíràn wà nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ki, ohun tó máa kù kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá, torí pé ẹni tí àmì rẹ̀ ń rá pálá máa ń gba àkókò òpó ju ẹni tó wà nítòsí lọ kó tó rí fídíò kan náà wò. Ká ní mẹ́gábíìtì 30 ló ṣẹ́ kù fún gbogbo apá kan àdúgbò. Bí èèyàn 60 bá ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì mẹ́gábíìtì ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fídíò Yútúùbù tójú rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba, èyí tí wọ́n ń kọ 480p sí lára, ń fẹ́ tó 1.1 kó tó lè máa lọ láìdúró. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbẹ̀. Dátà rẹpẹtẹ tí ẹ bá sì rà lóru yẹn kò ní sọ ojú òpó di mẹ́rin. Àmì tó kún lójú fóònù pàápàá kò sọ pé èrò kò sí: bí fóònù ṣe ń gbọ́ ohùn òpó tó ló ń sọ, kò sọ iye àwọn tí òpó ń dá lóhùn.

Láàárín aago 8 sí 11 alẹ́ ni èrò sábà máa ń pọ̀ jù níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Ifẹ̀. Dátà òru tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́, ìgbà náà gan-an lọ̀pọ̀ wọn ń fa fídíò àti ìwé ńláńlá wálẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò tó yí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ká, tó wá fi aago 12 òru ṣe ìdánwò pé òun fẹ́ mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe rí nígbà tí ìlú ti sùn, lè ṣi ìtumọ̀ fún ohun tó bá rí. Aago 5 ìdájí ló dáa jù. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì lọ ìsinmi, tí iyára alẹ́ yín gòkè láìjẹ́ pé ẹ ra ohunkóhun, ẹ ti rí ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ìdánwò náà ṣe rí rèé. Ẹ ṣí fast.com, ẹ jẹ́ kó kà tán, kí ẹ tẹ “Show more info”. Nọ́ńbà ńlá yẹn ni iyára. Lábẹ́ “Latency”, ẹ wo “Unloaded”: ó ń sọ bó ṣe pẹ́ tó kí iṣẹ́ tí fóònù rán tó lọ tó bọ̀, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ ṣe é ní ìdájí, ní ọ̀sán, àti ní aago 9 alẹ́, ẹ jókòó síbì kan náà, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ má ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ ṣá o: bí iyára bá jẹ́ 20, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ti jẹ mẹ́gábáìtì 25.

Tó bá jẹ́ èrò ni, iyára á dára ní ìdájí, á wá já wálẹ̀ lálẹ́, kò sì ní dúró lójú kan. Ẹ lè rí 0.6, kí ẹ tún un kà kí ẹ rí 2.1, kó tún padà sí 0.9. “Unloaded” tó jẹ́ 40 ní ìdájí lè fò sókè dé 200 tàbí 300. Ará ilé yín tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì kan náà á máa ké bí ẹ ṣe ń ké, ẹni tó ń lo òmíràn lè máa gbádùn tiẹ̀.

Ti ìwọ̀n ìlò yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú rẹ̀: bó bá jẹ́ dátà oní gígábáìtì lásán lẹ rà, tó bá tán, ó tán ni, wọn kì í sábà dín iyára rẹ̀ kù ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó ra èyí tí wọ́n ní kò lópin, pàápàá ti ráútà ilé tàbí ti ọ́fíìsì, ló yẹ kó fura. Ìwé àdéhùn irú rẹ̀ sábà máa ń ní gbólóhùn kékeré kan nísàlẹ̀ pé tí ẹ bá ti lo gígábáìtì báyìí-báyìí, iyára á já sí báyìí títí oṣù á fi yí.

Ká mú ẹnì kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Lágere, tó ń báwọn èèyàn forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tẹ̀wé. Ká ní gígábáìtì 150 ni ìwọ̀n tirẹ̀, tí iyára á sì já sí mẹ́gábíìtì 2 lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló so mọ́ ráútà, Wíńdòsì ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí gbogbo wọn láìbi í léèrè, ọmọ iṣẹ́ sì ń wo bọ́ọ̀lù. Nǹkan bíi gígábáìtì 8 ló ń lọ lóòjọ́, nítorí náà nígbà tó fi di ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù, ìwọ̀n ti kún. Láti ọjọ́ náà, ìdájí 2, ọ̀sán 1.9, alẹ́ 2. “Unloaded” kò yí padà, 45 ni bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Iyára tó dúró gbọn-in sójú kan tọ̀sán-tòru báyìí, òté ni wọ́n fi dé e. Ọjọ́ tó bá tún owó san lara á tù ú, títí ọjọ́ kọkàndínlógún mìíràn á fi dé.

Ibì kan wà tó ń tan èèyàn. Àwọn kan ní ìwọ̀n ojoojúmọ́ dípò ti oṣù. Irú wọn á dára láàárọ̀, á falẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ti òní bá ti tán, á tún dára lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, kò sì ní yàtọ̀ sí ti èrò lójú. Bí ẹ ó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí ẹ pa ráútà láti àárọ̀, kí ẹ tàn án ní aago 9 alẹ́. Bó bá sáré, ìwọ̀n ojoojúmọ́ ni. Bó bá ṣì falẹ̀, èrò ni. Ẹ tún lè tẹ *323# láti wo dátà tó kù, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ń lò fún un láti 2023.

Ti fóònù ló rọrùn jù láti mọ̀, òun sì lèèyàn ń náwó lé lórí jù. Ẹ yọ síìmù yín, ẹ kì í bọ fóònù ẹlòmíràn lójú ibẹ̀ náà, ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá sáré níbẹ̀, fóònù yín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e tà, ẹ wò ó bóyá ihò síìmù kejì lẹ kì í bọ̀. Nínú àwọn fóònù àtijọ́, ihò kejì kì í gba 4G. Ẹ wo “Preferred network type” bóyá ẹnì kan ti yí i sí 3G. Fóònù tokunbo tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè máà gbọ́ àwọn ìgbì kan tí wọ́n ń lò níbí. Fóònù tó gbóná janjan máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù. Bí fast.com bá sì ka 15, tí Fesibúùkù ṣì ń rá, ẹ má fi sun nẹ́tíwọ̀kì: ó lè jẹ́ pé ikùn fóònù ló kún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àmì ṣe lágbára gan-an, kó wọ “About phone”, kó wá “SIM status”. Iye tó wà níwájú dBm, bó bá wà nítòsí -85, ó dára. Tó bá ti sún mọ́ -115, ibi tí ẹ wà ló burú, tọ̀sán-tòru ni yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lẹ́bàá Abidjan, báńkì àti nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà sì dà rú. Bí ìdájí bá burú bí alẹ́, tí ará Èkó náà ń ké, ẹ fi síìmù yín sílẹ̀ níbi tó wà.

Lójú tèmi, àwọn ilé iṣẹ́ ló yẹ kó máa sọ púpọ̀ nínú èyí fún wa. Wọ́n mọ òpó tó ti kún, síbẹ̀ wọ́n ń ta dátà òru fún àdúgbò kan náà. Wọ́n mọ ìṣẹ́jú tí ìwọ̀n oníbàárà kún, àtẹ̀jíṣẹ́ orin àti tẹ́tẹ́ tí kò béèrè ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí wọ́n fi kún un: “a ti dín iyára yín kù láti òní.” Àjọ NCC lágbára láti fi dandan lé e.

Títí dìgbà náà, 300 lẹ ó kọ́kọ́ pè. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Tí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622, kò gbowó. Ẹ má kàn sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ẹ ka iyára ìdájí àti ti alẹ́ fún wọn pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ dárúkọ àdúgbò yín, kí ẹ sì sọ pé ẹ ti ki síìmù náà bọ fóònù mìíràn.